Ṣíà òṣìṣẹ́: láti òfin ọdún 1977 dé lẹ́tà ìlérí òde òní



Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ nígbà kan rí yà kí mi ní Àkùngbá níbí láìpẹ́ yìí. Èkó ló ti ń bọ̀, ó ń lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó fi lẹ́tà kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ó ní, “Prófù, wọ́n ti fún mi ní ṣíà 20,000 níbi iṣẹ́ tuntun mi.” Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò rí ṣíà kankan níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà lọ́jọ́ iwájú, ní iye tí wọ́n ti dá sílẹ̀ lónìí. Ẹ̀tọ́ náà kò sì ní gbó tán títí yóò fi lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá kúrò kí ọdún kan tó pé, òfo ni.

Mo ní kó jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wa gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣíà ni ìgbà tí ìjọba ológun ń gba ilé-iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn àjèjì. Òfin àkọ́kọ́ jáde ní 1972 nígbà Gówọ̀n. Òmíràn tó le jù ú lọ jáde ní 1977 nígbà Ọbásanjọ́. Ó pín ilé-iṣẹ́ sí ìsọ̀rí mẹ́ta: àwọn kan gbọ́dọ̀ di ti ọmọ Nàìjíríà pátápátá, àwọn kan ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù ní ìdá 40. Inú òfin yìí ni wọ́n ti sọ pé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ṣíà tí wọ́n ń tà gbọ́dọ̀ wà fún àwọn òṣìṣẹ́, àti pé ìdajì ìyẹn, ó kéré tán, jẹ́ ti àwọn tí kì í ṣe mánéjà. Ẹ wò ó, akọ̀wé àti dírẹ́bà wà nínú ìṣirò.

Òṣìṣẹ́ 1977 san owó, ó gba ìwé ṣíà rẹ̀, ó sì di onípìn-ín lójú ẹsẹ̀. Ohun tí òfin náà ń lé ni kí ṣíà kúrò lọ́wọ́ àjèjì, kì í ṣe kí òṣìṣẹ́ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ta ló wá gbé ẹrù rẹ̀? Bí onípìn-ín àjèjì bá ta ṣíà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, iye ṣíà ilé-iṣẹ́ kò yí padà. Bí wọ́n bá tà á ní ọ̀pọ́, àjèjì tó ń tà nìkan ló pàdánù. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ bá tẹ ṣíà tuntun jáde kí ìdá àwọn ọmọ Nàìjíríà lè pé, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìpín wọn dínkù, àti òyìnbó àti Adé tó rà á ní 1974.

Nígbà tí òfin títa ilé-iṣẹ́ ìjọba dé ní 1999, ohun tó fi sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìdá 1, ó kéré tán, nínú ṣíà tí wọ́n bá ń tà fún ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n sì ní kí wọ́n fi í sí abẹ́ ìtọ́jú fún wọn.

Ti òde òní yàtọ̀. Ẹ rántí bí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń gba fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì. Bí àdéhùn bá jẹ́ ọdún mẹ́ta tí ó sì sá lọ ní ọdún kejì, kò sí ẹni tí yóò fún un ní ìdá méjì nínú mẹ́ta fírídọ́ọ̀mù. Ọdún àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà ọmọ mi yìí bá ìyẹn mu. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá mẹ́rin kan gbó, ìyókù sì ń gbó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan a tún fi èrè mọ́ ọn: bí èrè kò bá dé iye báyìí, ẹ̀tọ́ náà kò gbó, bí o tiẹ̀ sìn wọ́n fún ogún ọdún.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, kí ẹni tó ti ní ṣíà tẹ́lẹ̀ lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní ṣíà 1,000,000. Nígbà tí wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti ra 100,000, ṣíà kan jẹ́ ₦6, iye yẹn ni wọ́n sì kọ sínú lẹ́tà. Ọdún mẹ́rin kọjá, ṣíà kan ti di ₦10. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ₦10,000,000. Àwọn òṣìṣẹ́ mú ₦600,000 wá, wọ́n gba ṣíà tuntun 100,000. Báyìí, ₦10,600,000 ni a ó pín sí ṣíà 1,100,000: ₦9.64 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Onípìn-ín àtijọ́ fi kọ́bọ̀ 36 sílẹ̀ lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò ó lórí ṣíà mílíọ̀nù kan, ẹ ó rí i pé nǹkan bíi ₦364,000 ni, iye kan náà tí àwọn òṣìṣẹ́ jẹ lérè. Owó náà kò jábọ́ láti ọ̀run.

Àkókò ìdúró náà ṣe pàtàkì fún onípìn-ín pẹ̀lú. Bí òṣìṣẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ 40,000 bá ti lọ kí ó tó gbó, 60,000 péré ló kù. Àdánù onípìn-ín yóò dín sí nǹkan bíi kọ́bọ̀ 23. Bí ọjà bá sì já lulẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò gbàgbé 2008, nígbà tí ìdíwọ̀n ọjà ṣíà wa ga tó nǹkan bíi 66,000 ní oṣù kẹta, tó sì ti wà ní àyíká 20,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009. Ẹ̀tọ́ láti ra ní iye ìgbà òkè kò wúlò mọ́. Ibẹ̀ ni kí onípìn-ín ti la ojú sílẹ̀: àwọn olùdarí lè ní kí wọ́n dín iye inú lẹ́tà kù. Tèmi ni pé ìyẹn kì í ṣe ìdúró mọ́. Onípìn-ín kò rí ẹni dín iye tí òun fi ra tirẹ̀ kù.

Ọ̀nà mìíràn wà. Nígbà kan rí, Báńkì Ákísẹ́ẹ̀sì máa ń ra ṣíà ara rẹ̀ ní ọjà, ó máa ń fi í sí ọwọ́ alágbàtọ́jú, òṣìṣẹ́ a sì dúró fún ọdún mélòó kan kó tó di tirẹ̀. Ṣíà gan-an ni wọ́n máa ń fún wọn nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀tọ́ àtirà. Iye ṣíà kò pọ̀ sí i lọ́nà yìí, ṣùgbọ́n owó tí ilé-iṣẹ́ fi rà á ti jáde nínú àpò àjùmọ̀ní. Láti 2012 tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wa ti ń tẹ̀lé ìlànà ìṣirò àgbáyé, IFRS 2 ti mú kó di dandan pé kí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ hàn bí ìnáwó nínú èrè, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí àwọn ọdún ìdúró náà. Ẹ wá a nínú àlàyé ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ọdọọdún. Ibi tí àwọn ènìyàn kì í kà ni.

Ọmọ mi wá bi mí, “Ṣé ṣíà 20,000 pọ̀, sà?” Mo bi í padà pé ṣíà mélòó ni ilé-iṣẹ́ náà ní lápapọ̀. Kò mọ̀. Nínú mílíọ̀nù kan, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, ekuru ni. Bí wọ́n bá sì tún pe olówó tuntun wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, òun náà yóò dínkù pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ó fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí wọn kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi. Alẹ́ ọjọ́ kejì ló pè mí láti Ìkàrẹ́: wọ́n ní àwọn kì í sọ iye yẹn fún ẹni tí kò bá tíì buwọ́ lùwé. Mo ní kó má tíì buwọ́ lù ú.