Ohùn àti Àwòrán Nínú Fídíò Àlàyé Oníṣẹ́jú Kan

Nínú fídíò àlàyé oníṣẹ́jú kan, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, àwòrán sì ń yí padà wéréwéré bó ṣe ń sọ ọ́. Ibi tí iṣẹ́ ti le ni bí ẹnu yóò ṣe bá ojú dé ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó ń sọ Yorùbá tó já geere lè pe nǹkan bíi sílébù 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àwòrán bá ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì, àwòrán 30 ni yóò wà nínú fídíò náà, sílébù 10 péré ló sì kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a gé gbólóhùn kéékèèké fún àwòrán kọ̀ọ̀kan: ohùn á máa já bí òsúkè. Ó sàn kí gbólóhùn kan gun àwòrán méjì tàbí mẹ́ta, kí orúkọ ohun tó ṣe pàtàkì nìkan sì pàdé àwòrán tirẹ̀.

Ká mú ìtàn Òkè-Ọ̀dàn, ìlú Yewa tí Dàhómì fọ́ ní 1848, ṣe àpẹẹrẹ. Gbólóhùn náà ni: “Àwọn ọmọ ogun Dàhómì fọ́ ìlú Òkè-Ọ̀dàn láyé Ọba Gẹ́zò.” Sílébù 22 ni, ó sì gba ìṣẹ́jú-àáyá 4 àti díẹ̀. Sílébù 12 ló ṣáájú orúkọ ìlú náà, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 2.4. Nínú fídíò tí férémù 25 ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, férémù 60 ni máàpù Dàhómì ti gbọ́dọ̀ kúrò kí àwòrán Òkè-Ọ̀dàn wọlé. Bó bá fi férémù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kò burú; bó bá pẹ́ lẹ́yìn orúkọ, olùwòran á máa wo Dàhómì nígbà tí etí rẹ̀ ti dé Òkè-Ọ̀dàn.

Ọdún ńkọ́? Nọ́ńbà mẹ́rin ni 1848 lójú ìwé, ṣùgbọ́n lẹ́nu, “ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹgbẹ̀rin ó lé méjìdínláàádọ́ta” ni, sílébù 19, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ àwòrán méjì tán. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a kọ ọdún sójú fídíò, kí ẹnu sì dárúkọ ọba.

Bí ohùn bá ṣì gùn jù, bọ́tìnnì tó ń mú un yára máa ń fa ọ̀ràn mìíràn. Ohùn òkè tó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ nínú Yorùbá, ìgòkè yẹn sì ń fẹ́ àkókò. Bí a bá sáré kọjá rẹ̀, “ìlú” á fẹ́rẹ̀ẹ́ di “ìlù”. Kí a fi ohùn náà dán ẹni tí kò rí àwòrán wò. Bí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ ni ká gé, kì í ṣe èémí. Bí a bá yọ “àwọn” àti “láyé Ọba Gẹ́zò” kúrò, ó ku sílébù 14, orúkọ ìlú á sì bọ́ sí férémù 50. Ibẹ̀ náà ni ká gbé ìyípadà àwòrán lọ.