Èédú Ihò Eléérú: Bí Kábọ̀nù-14 Ṣe Ń Sọ Ọjọ́ Orí, àti Ibi tí Agbára Rẹ̀ Pin Sí

Ìfáàrà

Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wú egungun ènìyàn kan ní Ihò Eléérú, abẹ́ àpáta kan ní agbègbè Àkúrẹ́, tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní Iwo Eleru. Èédú tí wọ́n rí nítòsí egungun náà ni wọ́n fi kábọ̀nù-14 yẹ̀ wò. Èsì rẹ̀ ni 11,200, ó sì lè fi 200 lé tàbí kó fi 200 dín. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà yìí lè gbà á bí iye ọdún gidi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé ibi tí nọ́ńbà náà ti wá, ìdí tó fi nílò àtúnṣe, àti ìdí tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò fi wúlò mọ́ fún ohun tó ti pẹ́ jù.

Ìṣirò náà

Ìtànṣán láti òfurufú máa ń sọ díẹ̀ lára naitirójìn inú afẹ́fẹ́ di kábọ̀nù-14. Ewéko ń fà á sínú, ẹranko àti ènìyàn sì ń jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ. Bí ohun abẹ̀mí bá kú, kò ní gba òmíràn mọ́. Èyí tó wà lára rẹ̀ yóò máa yí padà di naitirójìn díẹ̀díẹ̀, ìdajì rẹ̀ yóò sì ti lọ láàárín nǹkan bí ọdún 5,730. Willard Libby, tó gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní Chicago ní 1949, lo 5,568. Kí èsì àtijọ́ àti ti òde òní lè bára mu, 5,568 yìí ni àwọn yàrá àyẹ̀wò ṣì ń lò, òun ló sì bí 8033 inú ìlànà yìí:

```
t = -8033 × ln(F)
```

F ni ìpín kábọ̀nù-14 tó ṣẹ́kù nínú ohun tí à ń yẹ̀ wò. Ti èédú wa jẹ́ 0.248, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́rin. `ln` rẹ̀ jẹ́ -1.394. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ ní -8033, ó di 11,200. Ọdún 1950 ni a ti ń kà á lọ sẹ́yìn.

Ohun tí ìṣirò náà gbà bí òótọ́

Ohun mẹ́ta ni. Èkíní ni pé iye kábọ̀nù-14 inú afẹ́fẹ́ kò yí padà rí. Èkejì ni pé kábọ̀nù mìíràn kò wọ inú ohun náà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé ohun tí a yẹ̀ wò kú ní àkókò tí à ń wá. Ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ẹ̀kẹta yìí níbi èédú: ọjọ́ tí igi hù ni ó ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dáná sí i, inú igi ńlá sì lè ti dàgbà tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó gé e.

Ìṣòro àtúnṣe

Èkíní nínú àwọn mẹ́ta yẹn kì í ṣe òótọ́. Bí agbára òòfà ilẹ̀ ayé àti ti oòrùn bá yí padà, iye kábọ̀nù-14 inú afẹ́fẹ́ yóò yí padà pẹ̀lú. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ka òrùka inú igi lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdún kan fún òrùka kan, tí wọ́n sì wọn kábọ̀nù-14 inú wọn. Níbi tí igi kò dé, wọ́n lo òkúta inú ihò àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún. Àkójọ wọn ni `IntCal20`, tó lọ sẹ́yìn dé ọdún 55,000. Nípasẹ̀ rẹ̀, 11,200 ti Ihò Eléérú di nǹkan bí 13,100. Àyẹ̀wò yuréníọ́mù tí wọ́n ṣe lórí egungun náà fúnra rẹ̀, tó jáde ní 2011, fi í sáàárín 11,700 sí 16,300, kò sì ta ko èyí.

Àmọ́ àtúnṣe kì í fìgbà gbogbo fúnni ní ìdáhùn tó ṣe gúnmọ́. Láti nǹkan bí 750 sí 400 ṣáájú Kristi, ohun tó kú nígbàkúgbà láàárín àkókò náà máa ń mú èsì tó sún mọ́ 2,450 wá. Ọ̀pọ̀ ère amọ̀ Nok bọ́ sí àkókò yìí. Bó ti wù kí ẹ̀rọ péye tó, kò lè ya ọdún 700 sọ́tọ̀ kúrò lára ọdún 450.

Ìdí tí ó fi kùnà fún ohun àtijọ́ jù

Lẹ́yìn ọdún 50,000, bí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ló ṣẹ́kù. Ìdọ̀tí díẹ̀ ti tó láti borí rẹ̀. Ká ní kábọ̀nù òde òní, bóyá láti ara gbòǹgbò igi, wọ inú èédú Ihò Eléérú ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. F yóò di 0.2555, èsì yóò sì di nǹkan bí 10,960. Ọdún 240 péré ló fi yàtọ̀. Ẹ wá gbé irú ìdọ̀tí kan náà sínú èédú ilẹ̀ Enugu, tó ti lé ní mílíọ̀nù 60 ọdún tí kábọ̀nù-14 inú rẹ̀ sì ti tán pátá. F yóò jẹ́ 0.01, ìlànà yóò sì dáhùn pé 37,000. Ìṣirò náà pé, irọ́ ni ìdáhùn rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń mọ̀ bóyá ìdọ̀tí ti ba èsì jẹ́. Yàrá àyẹ̀wò máa ń mú èédú ilẹ̀ tó mọ̀ pé kò ní kábọ̀nù-14 mọ́, á fi ásíìdì kan náà fọ̀ ọ́, á sì sun ún bí àwọn yòókù. Ohunkóhun tó bá rí nínú rẹ̀, ìdọ̀tí ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Bí ohun tí à ń yẹ̀ wò kò bá yàtọ̀ sí i gbangba, wọn kò ní dárúkọ ọdún, wọn á kọ ọ́ pé ó ju iye báyìí lọ. Èkejì, bí a bá ń tún un fọ̀ tí ọjọ́ orí sì ń pọ̀ sí i, ìdọ̀tí ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìparí

Kí ẹni tó bá tẹ èsì jáde jọ̀wọ́ kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ sọ, ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀, irú ohun tí wọ́n yẹ̀ wò, àti àkójọ tí wọ́n fi ṣàtúnṣe. Fún ohunkóhun tó bá ju 50,000 ọdún lọ, yuréníọ́mù tàbí ọ̀nà mìíràn ni kí a lò.