Bí A Ṣe Ń Wọn Àbọ̀ Olùrà

Òwe tó ní "ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n" dúró lórí ohun mẹ́ta tí kò sọ jáde: pé ẹni náà gba ọ̀nà ọ̀hún lóòótọ́, pé kòtò náà ṣì wà níbẹ̀, àti pé ó lè júwe ibi tó wà. Ohun mẹ́ta yìí náà ló yẹ kí a fi wọn àbọ̀ olùrà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ra ọjà lórí ẹ̀rọ ayélujára kọ sábẹ́ ọjà náà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kí a mú un pé akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ń wo páwà báǹkì méjì tí owó wọn kò jìnnà síra, tí a sì kọ 20,000 mAh sára méjèèjì, èyí tí í ṣe ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà. Àkọ́kọ́ ní àbọ̀ 200, ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ju "Ó dára gan-an" lọ, tí wọ́n sì ti lé lọ́dún méjì. Èkejì ní 40 péré, ṣùgbọ́n olùrà kan kọ ọ́ lóṣù tó kọjá pé ó ti pé oṣù mẹ́rin tí òun ti ń lò ó, pé ó ń fi iná kún fóònù 5,000 mAh ní ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀, àmọ́ pé ó tó wákàtí mẹ́wàá kí páwà báǹkì náà fúnra rẹ̀ tó kún.

Ọ̀rọ̀ olùrà yìí ṣeé dán wò. Lójú ìṣirò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni 5,000 wà nínú 20,000, ṣùgbọ́n nítorí pé apá kan iná náà ń di ooru bó ti ń kọjá sínú fóònù, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ń dé ibẹ̀. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀ bá òótọ́ mu, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ì bá sì fi hàn pé irọ́ ni wọ́n kọ sára ọjà.

Ọjọ́ tí a kọ àbọ̀ ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tó ń ṣe ọjà lè pààrọ̀ bátìrì inú rẹ̀ láìyí orúkọ padà. Ní ti ìjẹ́rìí, lórí Jumia, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2012, àmì "Verified Purchase" ń sọ pé ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti ra ọjà náà. Síbẹ̀ ó jẹ́rìí sí rírà nìkan, kò jẹ́rìí sí òdodo, nítorí náà àléébù kan náà tí olùrà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá sọ ló yẹ kí a gbà gbọ́ jù.

Páwà báǹkì kejì ni ẹ̀rí gbè, àyàfi bí iná kì í bá ju wákàtí mẹ́ta lọ lóòjọ́ ládùúgbò akẹ́kọ̀ọ́ náà, nítorí pé nígbà náà páwà báǹkì tó ń fẹ́ wákàtí mẹ́wàá kò ní kún láàárín ọjọ́ kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà sì wá òmíràn.