Kí ló dé tí tóríọ́mù kan ń lo bílíọ̀nù ọdún, tí èkejì kò lò tó ọdún méjì?

Òkúta gíráníìtì tó ti lé ní bílíọ̀nù ọdún méjì ló wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè Brobo, nítòsí Bouaké ní Côte d'Ivoire. Bíi gíráníìtì ibòmíràn, tóríọ́mù díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Oríṣi kan ni tóríọ́mù-232. Bílíọ̀nù ọdún 14 ni ìdajì rẹ̀ yóò lò kó tó tú ká. Oríṣi kejì, tóríọ́mù-228, jẹ́ àtọmọdọ́mọ rẹ̀ nínú òkúta kan náà, ṣùgbọ́n ọdún 1.9 péré ni ìdajì tirẹ̀ ń lò.

Àwọn méjèèjì ń tú èérún kékeré tí wọ́n ń pè ní álífà jáde. Agbára tí ìtújáde ti àkọ́kọ́ ní jẹ́ mílíọ̀nù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì 4.08, ti èkejì jẹ́ 5.52. Agbára kò fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, síbẹ̀ ọjọ́ ayé wọn fi ìlọ́po bíi bílíọ̀nù méje yàtọ̀.

Àdììtú ògiri

Lọ́dún 1911, Hans Geiger àti John Nuttall ṣàkíyèsí ní Manchester pé bí álífà bá ṣe ń rìn jìnnà tó nínú afẹ́fẹ́ ni ohun tó tú u jáde ṣe ń tètè parẹ́ tó. Wọn kò mọ ìdí.

Lẹ́yìn náà ni Ernest Rutherford rí i pé álífà tí agbára rẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ kò lè wọ inú kókó átọ́ọ̀mù yùréníọ́mù, ńṣe ló ń ta padà. Àmọ́ álífà tí yùréníọ́mù fúnra rẹ̀ ń tú jáde kò ní ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Báwo ni ẹni tí kò lè fo ògiri ṣe dé ìta?

Ó gba inú ògiri kọjá

Lọ́dún 1928, George Gamow ní Göttingen, àti Ronald Gurney pẹ̀lú Edward Condon ní Princeton, dáhùn: álífà kò fo ògiri náà. Ó ń hùwà bí ìgbì, díẹ̀ nínú ìgbì náà sì ń la ògiri já.

Ògiri yìí dà bí òkè tó ga fíofío nínú, tó wá ń dagẹ̀rẹ̀ lọ síta. Ẹni tó bá la òkè já nísàlẹ̀ yóò rìn jìnnà. Ọ̀nà ẹni tó bá gba òkè lókè kúrú. Fún tóríọ́mù-232, ògiri náà nípọn tó fẹ́mítómítà 53. Fún tóríọ́mù-228, ó jẹ́ bíi 37.

Ìlọ́po ló wá ń ṣiṣẹ́. Bí ìpele ògiri kan bá gba ẹyọ kan nínú mẹ́wàá láàyè, ìpele méjì yóò gba ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́ta yóò gba ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún. Álífà inú tóríọ́mù-232 máa ń kọlu ògiri náà ní nǹkan bí ìgbà 10²¹ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, síbẹ̀ ìkọlù kan nínú bíi 10³⁸ sí 10³⁹ ló ń yọrí sí rere. Ti tóríọ́mù-228 jẹ́ kan nínú bíi 10²⁹.

Ibi tí òfin náà kò ti péye

Agbára yùréníọ́mù-235 ju ti yùréníọ́mù-236 lọ díẹ̀, ó yẹ kó tètè parẹ́. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ń lo nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 700, nígbà tí ti 236 ń lo mílíọ̀nù 23. Ìdí ni pé níúrọ́ọ̀nù kan nínú 235 kò ní ẹnìkejì, èyí sì ń dí álífà lọ́wọ́ láti kóra jọ kó tó dé ibi ògiri. Nítorí náà, àwọn tí gbogbo èérún inú wọn ní ẹnìkejì, bíi tóríọ́mù méjèèjì yìí, ni òfin náà bá mu jù.