Ìfàsẹ́yìn Ọrọ̀-Ajé àti Ìdàgbàsókè Tó Falẹ̀: Àyẹ̀wò Ọdún 2015 sí 2017

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe gbogbo ìgbà tí owó bá ṣọ̀wọ́n ní ìfàsẹ́yìn ọrọ̀-ajé. Àwọn onímọ̀ kò lò ó bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe 100 àpò ìyẹ̀fun lọ́dún èṣí, tó sì ṣe 101 lọ́dún yìí, ń dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn ìgbín ni. Èyí tó ṣe 98 ti fà sẹ́yìn. Bí irú ìdínkù bẹ́ẹ̀ bá kárí orílẹ̀-èdè fún oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ìfàsẹ́yìn ti dé.

Ní ọdún 2015, ohun tí Nàìjíríà pèsè ṣì fi nǹkan bí ìdá 2.8 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i; ní ọdún 2016, ó fi nǹkan bí ìdá 1.6 dín kù. Epo rọ̀bì tí àgbá rẹ̀ ju 100 dọ́là lọ ní àárín ọdún 2014 ti já wálẹ̀ kọjá 30 dọ́là ní oṣù kìíní ọdún 2016. Dọ́là wá di ọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ aṣèmújáde ti ń fà sẹ́yìn láti ọdún 2015. Nítorí náà, ní Ṣàngó-Ọ̀tà àti Agbára, níbi tí iṣẹ́ ti gbára lé èròjà àti ẹ̀yà ẹ̀rọ òkè òkun, ìdàgbàsókè tó falẹ̀ nínú ìṣirò gbogbo orílẹ̀-èdè kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 2017, ìdàgbàsókè padà, ṣùgbọ́n kò tó ìdá 1. Iye ènìyàn ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfàsẹ́yìn parí, síbẹ̀ ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣì ń kéré sí i.