Ṣíńgù àti Mínháàṣì: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Dá Àwọn Ojú-Ìwé Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Jẹ́ Ọ̀kan Náà Mọ̀

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1996, ẹ̀rọ aṣàwárí AltaVista kó nǹkan bí 30 mílíọ̀nù ojú-ìwé jọ láti orí ayélujára. Andrei Broder, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation, àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, fi àkójọ yìí ṣe ìwádìí. Ohun tí wọ́n ń wá ni àwọn ojú-ìwé tó jẹ́ ẹ̀dà ara wọn. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1997 fi hàn pé 12.3 mílíọ̀nù nínú àwọn ojú-ìwé náà ló ní ó kéré tán ojú-ìwé mìíràn kan tó jọ wọ́n.

Bí ẹ̀dà méjì bá bára mu láìku ẹyọ lẹ́tà kan, iṣẹ́ kékeré ni láti mú wọn. Èyí tó ṣòro ni ìròyìn kan náà tí ìkànnì méjì gbé jáde, tí ọ̀kan pààrọ̀ ọjọ́ tàbí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ojú ènìyàn rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà tó kàn ń wò bóyá fáìlì méjì dọ́gba yóò ní wọn ò bára tan rárá.

Gígé ọ̀rọ̀ sí ègé

Ọ̀nà tí Broder gbà ni pé kí a gé ọ̀rọ̀ ojú-ìwé sí ègé tí iye ọ̀rọ̀ inú wọn dọ́gba. Ègé wọ̀nyí ni à ń pè ní ṣíńgù. Wọ́n máa ń gun ara wọn bí páànù orí òrùlé: ọ̀rọ̀ kìíní sí ìkẹta, ìkejì sí ìkẹrin, ìkẹta sí ìkarùn-ún, títí dé òpin. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni Broder fi sínú ègé kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta tó fún àpẹẹrẹ yìí:

*Ìjọba sọ pé iṣẹ́ afárá náà yóò parí ní oṣù Kejìlá.*

Ọ̀rọ̀ 11 ló wà níbẹ̀, nítorí náà ègé 9 ni yóò jáde. Ká ní ìkànnì kejì kọ «Kẹta» dípò «Kejìlá». Ègé tó gbẹ̀yìn nìkan ló yàtọ̀. Ègé 8 ni gbólóhùn méjèèjì jọ ní, bí a bá sì kó gbogbo ègé wọn pọ̀ láìka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n jẹ́ 10. Ìjọra wọn jẹ́ 8 nínú 10, ìyẹn 0.8. Ìṣirò yìí ni à ń pè ní òṣùwọ̀n Jaccard, nítorí Paul Jaccard, onímọ̀ ewéko ará Siwisalandi, tó lò ó láti fi ewéko ibì kan wé ti ibòmíràn.

Ká wá ní «afárá» tó wà láàárín ni wọ́n pààrọ̀ sí «títì». Ègé 3 ló ní ọ̀rọ̀ náà nínú, gbogbo wọn ló sì bàjẹ́. Ègé 6 ló kù tí wọ́n jọ ní, nínú 12. Ìjọra já sí 0.5, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yí padà. Nínú ìròyìn tó ní 500 ọ̀rọ̀, ìyípadà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe nǹkan púpọ̀. Nínú ojú-ìwé kúkúrú, ó lè gbé èsì ṣubú.

Nọ́ńbà tó kéré jù

Ègé ojú-ìwé ńlá kan lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sì sí bí a ṣe lè máa tọ́jú gbogbo wọn. Ibí ni mínháàṣì ti wúlò. Ètò háàṣì máa ń sọ ègé kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà gbọọrọ, nọ́ńbà kan náà sì ni ègé kan náà máa ń gbà níbikíbi tó bá wà. Lẹ́yìn tí gbogbo ègé ojú-ìwé bá ti di nọ́ńbà, a ó mú èyí tó kéré jù, a ó sì da ìyókù nù.

Ká padà sí gbólóhùn afárá àti ti títì. Ègé 12 ni àwọn méjèèjì ní lápapọ̀. Bí háàṣì bá pín nọ́ńbà láìṣègbè, èyíkéyìí nínú 12 yìí ló lè gba nọ́ńbà tó kéré jù. Bó bá bọ́ sí ọ̀kan nínú 6 tí wọ́n jọ ní, nọ́ńbà kan náà ni gbólóhùn méjèèjì yóò mú jáde. Bó bá bọ́ sí ìkan nínú 6 yòókù, nọ́ńbà wọn yóò yàtọ̀. Nítorí náà, ìgbà tí nọ́ńbà wọn yóò bára mu jẹ́ 6 nínú 12, iye kan náà tí òṣùwọ̀n Jaccard fún wa.

Háàṣì kan ṣoṣo kò tó, nítorí «bẹ́ẹ̀ ni» tàbí «bẹ́ẹ̀ kọ́» nìkan ló lè sọ. A ó lo 100 tó yàtọ̀ síra, a ó sì ka iye ìgbà tí nọ́ńbà bára mu. Bí ìjọra tòótọ́ bá jẹ́ 0.5, iye tí a ó rí yóò sábà wà láàárín 40 sí 60. Báyìí, nọ́ńbà 100 péré ló ń dúró fún odindi ojú-ìwé, ì báà gùn tó ìwé ìtàn.

Ta ni ká fi wé ta ni?

Ìṣòro mìíràn ṣì kù. Bí a bá fẹ́ fi ojú-ìwé 30 mílíọ̀nù wé ara wọn ní méjì-méjì, àfiwé náà yóò tó 450 tírílíọ̀nù. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a di nọ́ńbà 100 náà sí ìdì 20, nọ́ńbà 5 nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ojú-ìwé méjì tí odindi ìdì kan wọn bá bára mu nìkan ni a ó yẹ̀ wò.

Bí ìjọra ojú-ìwé méjì bá jẹ́ 0.8, ìgbà tí wọn yóò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ kò tó 4 nínú 10,000. Bó bá jẹ́ 0.3, nǹkan bí ìgbà 5 nínú 100 ni a ó mú wọn. Ti 0.5 ló wà ní ààlà: a ó mú wọn nígbà 47 nínú 100. Ẹni tó bá fẹ́ mú irú wọn gbọ́dọ̀ dín nọ́ńbà inú ìdì kù, kó sì gbà pé àyẹ̀wò asán yóò pọ̀ sí i.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń kùnà

Ní ọdún 2006, onímọ̀ kọ̀ǹpútà Monika Henzinger fi ojú-ìwé 1.6 bílíọ̀nù dán ọ̀nà Broder wò. Níbi tí ojú-ìwé méjì ti wá láti ìkànnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Níbi tí wọ́n ti wá láti ìkànnì kan náà, kò ṣe dáadáa. Lápapọ̀, ìdá 38 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó pè ní ẹ̀dà ló jẹ́ ẹ̀dà lóòótọ́. Ó yéni bí irú èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìkànnì tó ń ta bàtà máa ń lo ọ̀rọ̀ kan náà lókè àti nísàlẹ̀ gbogbo ojú-ìwé rẹ̀, orúkọ bàtà àti iye owó nìkan ló ń yàtọ̀. Broder náà ti kíyè sí irú ègé gbogboǹṣe bẹ́ẹ̀: èyí tó bá wà nínú ojú-ìwé tó ju 1,000 lọ, ńṣe ni wọ́n yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó ṣe àfiwé.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀. Bí a bá kọ gbólóhùn òkè yẹn láìfi àmì sí i, «Ijoba so pe ise afara naa», kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ tí kò yí padà. Ìjọra yóò já sí òdo. Kódà bí àmì bá pé, «ẹ́» lè wà nínú fáìlì gẹ́gẹ́ bí U+1EB9 àti U+0301, tàbí U+00E9 àti U+0323. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ wọn, háàṣì rí i. Nítorí náà, ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ ní láti ṣe ẹ̀dà tí a bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀, kó sì gé ìyẹn sí ègé:

```python
import unicodedata

def bo_ami(oro):
    d = unicodedata.normalize("NFD", oro.lower())
    return "".join(c for c in d
                   if not unicodedata.combining(c))
```

Àfiwé nìkan ni ẹ̀dà yìí wà fún. Bó bá ti wá hàn pé ojú-ìwé méjì jẹ́ ọ̀kan náà, a ó ka àmì tó wà lára ọ̀rọ̀ méjèèjì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, èyí tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù ni ká sì fi pa mọ́, nítorí a lè bọ́ àmì kúrò nígbàkígbà, ṣùgbọ́n kò sí ètò kékeré kan tó lè dá a padà láìṣàṣìṣe.