Ọmọ Onílé Tó Ń Ṣèwádìí Ilé: Ìtàn Bí Olùṣèwádìí Ṣe Ń Sọ Ibi Tí Ó Dúró Sí

Ipò olùṣèwádìí ni gbogbo ohun tó so ó mọ́ àwọn ènìyàn tí ó ń kọ̀wé nípa wọn tàbí tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára wọn: ìdílé rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, ìwé tí ó kà, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Àyẹ̀wò ara ẹni ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe láti mọ ohun tí ipò náà jẹ́ kí ó rí àti ohun tí kò jẹ́ kí ó rí, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí òǹkàwé lè fi díwọ̀n ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òwe Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ fi rò pé ọmọ onílé kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ìtàn iṣẹ́ àwọn tó ṣèwádìí ìlú ara wọn fi hàn pé ọmọ onílé náà ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó.

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ jẹ́ àpẹẹrẹ tó lágbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ipò olùṣèwádìí nígbà náà. Ìlú Hastings ní Sàró ni wọ́n bí Johnson sí ní ọdún 1846, àwọn òbí rẹ̀ sì mú un wá sí Ìbàdàn ní kékeré. Ìran Ọ̀yọ́ ni, láti ọdún 1887 ni ó sì ti ń ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé náà ní ọdún 1897, ṣùgbọ́n ó sọnù lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ní Ìlú Ọba. Lẹ́yìn tí Johnson kú ní ọdún 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah, tó jẹ́ dókítà, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù. Ọdún 1921 ni ó tó jáde.

Johnson sọ ibi tí ó ti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ ni ó ti gba ti àtijọ́, ó sì dárúkọ àwọn àgbà bíi David Kukomi, tí wọ́n fi ojú ara wọn rí ogun, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sọ ti ìgbà tó sún mọ́ tirẹ̀. Ohun tí kò gbé yẹ̀ wò ni ohun tí orísun wọ̀nyí ṣe sí ìtàn náà. Iṣẹ́ arọ́kin ni láti gbé ògo Aláàfin ga. Nítorí náà, Ọ̀yọ́ ni ó wà láàárín gbùngbùn ìwé náà, ẹ̀gbẹ́ kan ni Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì wà. Johnson fúnra rẹ̀ kò sì jìnnà sí ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ: nígbà ogun Kírìjì, òun ni Aláàfin rán lọ sí Èkó ní ọdún 1881 láti bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n bá wọn parí ìjà. Ọmọ Yorùbá ni lójú àwọn òyìnbó. Lójú ará Èkìtì, ẹni tó ti ọ̀dọ̀ Aláàfin wá ni. Lójú àwọn arọ́kin, onígbàgbọ́ tó ti Sàró dé ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ní Amẹ́ríkà, Zora Neale Hurston jẹ́ kí ìṣòro yìí hàn nínú ìwé tirẹ̀. Eatonville ní ìpínlẹ̀ Florida, ìlú tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń ṣàkóso fúnra wọn, ni ó ti dàgbà. Ní ọdún 1927, olùkọ́ rẹ̀ Franz Boas rán an padà sí Florida láti kó ìtàn àti àlọ́ jọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan mú bọ̀. Hurston ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń sọ̀rọ̀ ni òun ṣe béèrè ìbéèrè, àwọn ènìyàn sì dá òun lóhùn pé àwọn kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó padà lọ, ó bá wọn jókòó, ó bá wọn ṣeré, òun náà sì sọ ìtàn tirẹ̀. Nínú ìwé tó ti ibẹ̀ wá ní ọdún 1935, Hurston wà láàárín àwọn tó ń sọ̀rọ̀, kò fi ara rẹ̀ pamọ́.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò ka irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ sí títí di ọdún 1967, nígbà tí ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Bronisław Malinowski jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Malinowski ni wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ olùṣèwádìí tó gbé láàárín àwọn ènìyàn, tó sì kọ̀wé láìṣègbè. Àkọsílẹ̀ náà fi ìbínú rẹ̀ hàn, ó sì fi hàn pé ó máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn tí ó ń kọ nípa wọn. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè nípa ẹni tó ń kọ̀wé ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1972, Robert Merton kọ̀wé lòdì sí èrò pé ọmọ inú ẹgbẹ́ nìkan ló lè mọ òtítọ́ nípa ẹgbẹ́ náà, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ènìyàn kan wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Ní ọdún 1993, Kirin Narayan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Íńdíà, tí ìyá rẹ̀ sì ti Amẹ́ríkà wá, fi kún un pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ń yí ni ìsúnmọ́ olùṣèwádìí ń yí padà.

Láàárín àwọn Yorùbá, ìwé tí Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tẹ̀ jáde ní ọdún 1997 ló mú ọ̀rọ̀ náà wọlé tààrà. Ó jiyàn pé kí òyìnbó tó dé, kì í ṣe jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ni àwọn Ọ̀yọ́ fi ń to ipò ènìyàn, bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹni tó kọ́kọ́ wọ ilé àti ẹni tó bá a níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni ó ti sọ ibi tí ó dúró sí. Inú ẹbí ńlá ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ jọba Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1973, ààfin sì di ilé rẹ̀. Ó tún sọ pé àwọn Ọ̀yọ́ ni òun ń kọ nípa wọn, kì í ṣe gbogbo Yorùbá. Pẹ̀lú èyí, òǹkàwé mọ ibi tí ìmọ̀ náà ti wá, ó sì lè béèrè bóyá ohun tó hàn láti ààfin ni yóò hàn láti ilé ẹrú tàbí láti ilé ọkọ obìnrin tí kò ní ọrọ̀.

Sísọ ipò kò túmọ̀ sí pé àríyànjiyàn ti tán. Bibi Bakare-Yusuf ṣàríwísí ìwé náà pé bí èdè kò bá ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, ìyẹn kò fi hàn pé agbára kò yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìgbésí ayé. Jíjẹ́ ọmọ ààfin kò dáhùn ìbéèrè yẹn, ẹ̀rí nìkan ló lè dáhùn rẹ̀.

Àwọn ìṣòro tó máa ń bá ọmọ ìlú tó ń ṣèwádìí ìlú rẹ̀ ti wá hàn gbangba báyìí. Àwọn àgbà kì í ṣàlàyé ohun tí wọ́n gbà pé ó ti mọ̀. Àwọn ìbéèrè kan sì wà tí ọmọdé kò gbọdọ̀ bi àgbà, tí wọ́n máa ń dá àjèjì lóhùn sí. Bí ọ̀rọ̀ oyè bá ń fa ìjà láàárín ilé méjì, ọ̀rọ̀ ilé tí ó ti wá ni yóò rọrùn fún un láti gbọ́. Ó sì tún ní ohun tí ó ti gbọ́ ní kékeré gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan wọ̀nyẹn fún un gẹ́gẹ́ bí olùṣèwádìí, nítorí náà ó ní láti padà lọ gba àṣẹ kí ó tó kọ wọ́n sínú ìwé.

A máa ń mọ̀ pé ipò ń ṣe aburú fún iṣẹ́ nígbà tí gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ bá jẹ́ ara agbo ilé kan, tí kò sí ẹni tó tako ẹnikejì, tàbí tí àkọsílẹ̀ bá sọ pé gbogbo ènìyàn ló mọ nǹkan kan láìsọ ẹni tó sọ ọ́. Ohun tí àwọn olùṣèwádìí ń ṣe sí èyí ni pé wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ti gbà gbọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè fi wé ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ń wá àwọn ènìyàn tí ilé olùṣèwádìí kò ní àǹfààní lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń ka ohun tí wọ́n kọ fún àwọn tó sọ ọ́. Àkọsílẹ̀ ipò tó gún régé máa ń sọ ẹni tí ipò náà jẹ́ kí olùṣèwádìí bá sọ̀rọ̀, ẹni tí kò jẹ́ kí ó bá sọ̀rọ̀, àti apá ibi tí àbájáde iṣẹ́ náà ti lè yàtọ̀ nítorí rẹ̀. Bí ó bá kàn ka ìran àti ìlú olùṣèwádìí lásán, kò tíì fún òǹkàwé ní ohun tí yóò fi díwọ̀n iṣẹ́ náà.